Bí a ṣe ń sọ àkọsílẹ̀ jágbajàgba háọ̀sì ọ́físà di ìwé ìgbàwọlé aláìsàn tó gún régé

Háọ̀sì ọ́físà, ìyẹn dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ìwé, tó ń gba aláìsàn wọlé lóru kì í fi bẹ́ẹ̀ kọ gbólóhùn. Àmì àti ìgékúrú ló ń kọ: nọ́ńbà, ọfà tó kọjú sókè, òdo kékeré níwájú ọ̀rọ̀, orúkọ oògùn tó gé sí ìdajì. Òun mọ ohun tó ní lọ́kàn nígbà tó ń kọ ọ́. Tí ilẹ̀ bá mọ́, rẹ́jísírà àti kọ̀ńsọ́táǹtì, àwọn dókítà tó ga jù ú lọ, máa ka fáìlì náà, nọ́ọ̀sì máa fún aláìsàn ní oògùn látinú rẹ̀, dókítà tó bá sì gba iṣẹ́ kọ́ọ̀lù lálẹ́ ọjọ́ kejì á gbára lé e. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ní kí wọ́n tún un kọ sí ìlànà ìgbàwọlé tí gbogbo wọ́ọ̀dù mọ̀, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní kíláàkíǹ: ìtàn àìsàn, àyẹ̀wò ara, àti ètò ìtọ́jú.

Yálà ẹ̀yin lẹ kọ jágbajàgba náà tàbí ẹni tó wà lẹ́nu kọ́ọ̀lù ṣáájú yín ló kọ ọ́, ọ̀nà kan náà la fi ń tún un ṣe. Ìwé tí ò ṣeé kà ní ewu tirẹ̀, àmọ́ gbogbo èèyàn ló ń rí ewu yẹn, torí náà wọ́n á béèrè. Èyí tó burú jù ni ìwé tó mọ́ tónítóní tó sì ń parọ́. Ẹni tó ń tún un kọ rí àlàfo, ó sì fi "kò sí ìṣòro" dí i, torí pé bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìgbàwọlé sábà máa ń rí. Látìgbà náà lọ, kò sẹ́ni tó máa béèrè mọ́.

Àpẹẹrẹ tí a máa tẹ̀ lé

A hun aláìsàn yìí fún àlàyé ni, àmọ́ irú rẹ̀ kì í wọ́n ní wọ́ọ̀dù ìṣègùn àgbàlagbà ní Ìbàdàn tàbí l'Ékòó: ìyá ẹni ọdún 58, ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá a fínra fún ọdún mẹ́jọ, ọkàn rẹ̀ kò sì lè ti ẹ̀jẹ̀ kiri bó ṣe yẹ mọ́. Ohun tí háọ̀sì ọ́físà kọ rèé, láìsí aago, láìsí ìbuwọ́lù tó ṣeé kà:

```
58F. SOB 3/52, oedema 2/52, cough 5/7
orthop 3 pillows, PND+. °CP °fever
K HTN 8y, not reg on meds. °DM
O/E: resp distress, °P °J, oedema to knees
PR 112 reg, BP 180/110, JVP ↑
AB 6LICS AAL, S3+
RR 32, SpO2 88% RA, bibasal creps
Abd: L 4cm, tender
IMP: CCF 2° HHD
Plan: prop up, O2, IV Frus 40 stat then bd
Lisin 5. E/U/Cr, FBC, ECG, CXR, Echo
```

Ká sọ òótọ́, àkọsílẹ̀ yìí kò burú. Ẹni tó kọ ọ́ mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì wo ibi tó yẹ kó wò. Ohun tó kù ni pé kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè lò ó.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kó ìwé jọ kí ẹ tó gbé bírò

Ẹ wá ojú ìwé jágbajàgba náà, ṣáàtì tí nọ́ọ̀sì ń kọ ooru ara àti BP sí, ṣáàtì oògùn, èsì àyẹ̀wò tó bá ti dé, àti lẹ́tà ilé ìwòsàn tó darí aláìsàn wá, bó bá wà. Ẹ rí i pé orúkọ àti nọ́ńbà fáìlì wà lórí ewé kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì bára mu. Orúkọ nìkan kò tó. Ìyá Bọ́sẹ̀ méjì lè wà ní wọ́ọ̀dù kan náà lọ́sẹ̀ kan náà, ewé tó já bọ́ kúrò nínú fáìlì kan kì í pẹ́ wọ inú èkejì.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá aago. Àkọsílẹ̀ tiwa kò ní, àmọ́ ìwé ìforúkọsílẹ̀ ẹ̀ka pàjáwìrì sọ pé aago 23:20 ni wọ́n gbé ìyá dé, ṣáàtì oògùn sì sọ pé wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ fúrósémáìdì àkọ́kọ́ ní 00:05. Ẹ kíyè sí i pé ọjọ́ ti yí padà láàárín méjèèjì. Tí ẹ bá fi ọjọ́ kan ṣoṣo sórí gbogbo rẹ̀, ó máa dà bí ẹni pé wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́tàlélógún kí ó tó dé ilé ìwòsàn.

Ẹ má ya ojúlówó ìwé náà sọnù lẹ́yìn tí ẹ bá parí, bó ti wù kó rí wúruwùru tó. Inú fáìlì ló máa wà, lẹ́yìn èyí tí ẹ tún kọ. Òfin Ìlera ti ọdún 2014 ní Nàìjíríà fi dandan lé e pé kí ilé ìwòsàn tọ́jú àkọsílẹ̀ aláìsàn kí ó sì pa àṣírí rẹ̀ mọ́. Fún ìdí yìí kan náà, yíya fọ́tò ìwé náà sórí gúrúùpù Wáàsáàpù láti béèrè pé "kí ni wọ́n kọ síbí o?" kò bójú mu, kódà tí gbogbo ará gúrúùpù bá jẹ́ dókítà. Ẹ pe ẹni tó kọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ kà á látòkè délẹ̀, ẹ sì ya ohun tó dájú sọ́tọ̀

Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, tàbí kí ẹ mú ewé mìíràn, kí ẹ má bàa kọ nǹkan kan sórí ojúlówó. Ohun tó dájú, ẹ fàmì sí i. Ohun tó lè ní ìtumọ̀ méjì, ẹ kọ àmì ìbéèrè sí i. Ohun tó yẹ kó ní nọ́ńbà tàbí ìwọ̀n àmọ́ tí kò ní, ẹ fi òbìrí yí i ká. Ẹ ṣe èyí tán pátá kí ẹ tó kọ gbólóhùn kan, torí pé ìlà ìsàlẹ̀ sábà máa ń túmọ̀ ìlà òkè.

Ẹ jẹ́ ká wo tiwa. `3/52` kì í ṣe ìdá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni, torí pé ọ̀sẹ̀ 52 ló wà nínú ọdún. `5/7` jẹ́ ọjọ́ márùn-ún, `2/12` ì bá sì jẹ́ oṣù méjì. Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé ni pé 5 àti 1 máa ń jọra lọ́wọ́ ẹni tó ń yára: ọ̀sẹ̀ méjì á di oṣù méjì, àìsàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á di àìsàn tó ti pẹ́. Tí òǹkà náà ò bá hàn dáadáa, aláìsàn ló mọ̀ ọ́n, ẹ bi í.

Òdo kékeré ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Níwájú ọ̀rọ̀, "kò sí" ló túmọ̀ sí: `°fever`, kò sí ibà, `°DM`, kò ní ìtọ̀ ṣúgà, `°P °J`, ojú rẹ̀ kò funfun, kò sì pọ́n yòò. Ṣùgbọ́n lórí nọ́ńbà, bíi `2°` tó wà níwájú `HHD`, "nítorí" ló túmọ̀ sí. Àmì kan náà, lórí ewé kan náà, ó sọ "kò sí" níbi kan, ó sọ "òun ló fà á" níbòmíràn. Ẹni tó bá sì kọ òdo náà kéré jù, tí bírò rẹ̀ sì ń gbẹ, òdo á parẹ́: aláìsàn tí kò ní ìtọ̀ ṣúgà á wá di ẹni tó ní in. Ìdí nìyẹn tí ìwé tí a tún kọ kò fi gbọ́dọ̀ ní òdo yìí rárá, àyàfi níbi ooru ara. Ẹ kọ "kò sí" ní ọ̀rọ̀.

`K HTN` ni pé wọ́n ti mọ̀ ọ́n sí alárùn ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ lè ka `K` yẹn sí potásíọ̀mù, pàápàá níbi tí `E/U/Cr`, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń wọn potásíọ̀mù àti iṣẹ́ kíndìnrín, wà nítòsí. `AB` níbí ni ibi tí ọkàn ti ń lu àyà, kì í ṣe oògùn apakòkòrò. Ìlà tó wà nínú rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, torí pé àlàfo egungun ìhà àti ìlà abíyá ló tẹ̀ lé e. `L 4cm` wà lórí ìlà ikùn, `Abd`, nítorí náà ẹ̀dọ̀ ni, kì í ṣe apá òsì. Ẹ fàmì sí gbogbo ìwọ̀nyí, ó dájú.

Àwọn tí a máa fi òbìrí yí ká ni `Frus 40`, `Lisin 5` àti `O2`. Fúrósémáìdì 40 kí ni? Ìgò abẹ́rẹ́ rẹ̀ tó wọ́pọ̀ ní 20 mg nínú 2 ml, nítorí náà 40 mg jẹ́ ìgò méjì, 4 ml. Ó dá gbogbo wa lójú pé 40 mg ni dókítà ní lọ́kàn, àmọ́ ìdánilójú wa kọ́ ni àṣẹ oògùn. `Lisin 5` ṣeé ṣe kó jẹ́ lisinópírìlì 5 mg, kò sì sọ ẹ̀ẹ̀melòó lóòjọ́ tàbí ìgbà tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀. Ọ́síjìn: lítà mélòó, ìrọ́bà imú àbí máàsìkì?

Lẹ́yìn náà ni ẹ wá wo ohun tí kò sí níbẹ̀ rárá. Kò sí ooru ara. Kò sí orúkọ oògùn tí ìyá ń lò tẹ́lẹ̀. Kò sí àléjì. Kò sí ọ̀rọ̀ nípa sìgá, ọtí, àgbo, tàbí oògùn ìrora. Kò sí àyẹ̀wò ọpọlọ. Kò sì sí ohun tó jẹ́ kí àìsàn tó ti wà láti ọdún mẹ́jọ wá gbéra ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ béèrè, kí ẹ sì kọ ẹni tó dáhùn

Ẹ kó ìbéèrè jọ sí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kí ẹ tó pe dókítà náà. Bí ẹ bá ń pè é nítorí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ní ìkẹta kò ní gbé e mọ́. Ohun tó jẹ mọ́ ètò ìtọ́jú, òun tàbí rẹ́jísírà nìkan ló lè dáhùn rẹ̀. Ohun tó jẹ mọ́ ìtàn, aláìsàn tàbí ẹni tó gbé e wá ló ni ín. Ohun tó jẹ mọ́ nọ́ńbà, ṣáàtì nọ́ọ̀sì lẹ máa kọ́kọ́ wò.

Nínú àpẹẹrẹ wa, dókítà sọ lórí fóònù pé 23:40 ni òun gba ìyá wọlé, àti pé ọ́síjìn náà jẹ́ lítà mẹ́rin ní ìṣẹ́jú kan nípa ìrọ́bà imú. Fúrósémáìdì jẹ́ 40 mg, tí wọ́n á máa fún un ní 08:00 àti 14:00 kí ìtọ̀ má bàa máa jí i lóru. Lisinópírìlì jẹ́ 5 mg lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, kí wọ́n má sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ títí èsì `E/U/Cr` fi máa dé. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ṣe pàtàkì gan-an, torí pé oògùn náà lè mú potásíọ̀mù ga, ó sì lè pa kíndìnrín tó ti ń ṣàìsàn lára. Kò sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tó wà lórí ìwé. Ṣáàtì nọ́ọ̀sì ní 00:15 fún wa ní ooru ara 36.8°C àti BP 170/100.

Ìyá náà, tí ọ́síjìn ti jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀, ní òun ti dáwọ́ amlodipíìnì 10 mg dúró láti nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn torí owó. Ó tún ní orúnkún ń dun òun, òun sì ń ra ibuprofẹ́ẹ̀nì ní ṣọ́ọ̀bù oògùn, òun ń lò ó lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, láti bí oṣù kan. Kò mọ̀ pé ó ní àléjì kankan.

Ìyípadà ńlá ti dé bá fáìlì yìí. Oògùn ìrora irú ibuprofẹ́ẹ̀nì máa ń jẹ́ kí ara dá iyọ̀ àti omi dúró, ó sì máa ń fúngun mọ́ kíndìnrín, pàápàá tí wọ́n bá lò ó pọ̀ mọ́ fúrósémáìdì àti lisinópírìlì. Ohun tó gbé ìyá dé ilé ìwòsàn ti ń fojú hàn, kò sì sí nínú jágbajàgba náà. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ béèrè rẹ̀, dókítà àkọ́kọ́ kọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin lẹ máa kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ àti aago tiyín, kí ó má bàa dà bí ẹni pé ó wà níbẹ̀ láti òru.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìtàn àìsàn

Ní fáìlì gan-an, Gẹ̀ẹ́sì lẹ máa fi kọ ọ́, bí ilé ìwòsàn ṣe ń ṣe. Yorùbá la fi ń fi hàn níbí.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ, nọ́ńbà fáìlì, ọjọ́ orí, iṣẹ́, àdúgbò, ọjọ́ àti aago ìgbàwọlé, àti ẹni tó sọ ìtàn náà. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀sùn, pẹ̀lú iye ọjọ́ rẹ̀, èyí tó pẹ́ jù lókè: àìlèmí délẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹsẹ̀ wíwú, ọ̀sẹ̀ méjì, ikọ́, ọjọ́ márùn-ún. Ẹ má fi orúkọ àrùn sí ẹ̀sùn. Aláìsàn kì í wá sọ pé "mo ní àìlera ọkàn"; ẹ̀yin lẹ máa sọ ìyẹn ní ìsàlẹ̀ ìwé.

Ìtàn ẹ̀sùn ló ń gba àyè jù. Àwọn olùkọ́ ìṣègùn níbí máa ń fi ohun márùn-ún kọ́ akẹ́kọ̀ọ́: ẹ̀sùn fúnra rẹ̀, bó ṣe ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ohun tó lè fà á, ohun tó ti dá sílẹ̀, àti ìtọ́jú tí wọ́n ti gbà kí wọ́n tó dé. Ẹ to jágbajàgba náà sí márààrún yìí, ẹ máa rí èyí tó ṣófo kíá. Nínú tiwa, ìkẹta àti ìkarùn-ún ló ṣófo, ibẹ̀ sì ni ìbéèrè yín ti mú èrè wá.

Gbólóhùn kan wà tí ẹ ní láti ṣọ́ra fún: "ara aláìsàn dá ṣáká títí di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn." Ó ti mọ́ dókítà lọ́wọ́ débi pé bírò ń kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá fínra fún ọdún mẹ́jọ tí kò sì lo oògùn déédéé, ara rẹ̀ kò dá ṣáká. Ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀:

> Wọ́n ti mọ̀ pé aláìsàn ní ẹ̀jẹ̀ ríru láti ọdún mẹ́jọ, kò sì lo oògùn déédéé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni kò lè mí délẹ̀ mọ́. Ó ń lo ìrọ̀rí mẹ́ta kó tó lè sùn, àìlèmí délẹ̀ sì máa ń jí i lóru. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ikọ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn. A kò kọ bóyá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Kò sí àyà dídùn, kò sí ibà.
>
> Àfikún, 05:30, láti ẹnu aláìsàn: ó dá amlodipíìnì 10 mg dúró ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn nítorí owó. Ó ń lo ibuprofẹ́ẹ̀nì lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún orúnkún láti bí oṣù kan. Kò mọ ìwọ̀n rẹ̀.

Ẹ wo gbólóhùn ikọ́ yẹn. Gbólóhùn mẹ́ta ló wà tí ìwé ìgbàwọlé lè lò fún ohun kan, ìtumọ̀ wọn kò sì dọ́gba: "kò sí" ni pé wọ́n béèrè, ó ní rárá, "a kò kọ ọ́" ni pé ojúlówó ìwé kò sọ nǹkan kan, "aláìsàn kò mọ̀" ni pé wọ́n béèrè, kò mọ̀. Tí ẹ bá mú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí lò dáadáa, ẹ ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

Àìsàn àtẹ̀yìnwá, oògùn, àléjì, ẹbí àti ìgbé ayé á tẹ̀ lé e ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìtọ̀ ṣúgà, kò sí. Àléjì, kò mọ ọ̀kankan, a béèrè ní 05:30. Sìgá àti ọtí, a kò kọ ọ́. Tí ẹ bá ṣì wà lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ẹ kúkú bi í.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: àyẹ̀wò ara

Ẹ má tẹ̀ lé bí jágbajàgba ṣe tò ó. Ara lápapọ̀ ló kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn náà ọkàn àti iṣan, èémí, ikùn, ọpọlọ. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìwọ̀n àti aago, kí ẹ sì sọ ibi tí ẹ ti rí i.

> Àyẹ̀wò dókítà, 23:40, àyàfi ibi tí aago mìíràn bá wà. Ara lápapọ̀: mímí ń ni í lára. Ojú kò funfun, kò pọ́n yòò. Ẹsẹ̀ méjèèjì wú dé orúnkún. Ooru ara 36.8°C (ṣáàtì nọ́ọ̀sì, 00:15).
> Ọkàn: ìlù iṣan 112 ní ìṣẹ́jú kan, ó ń lọ déédéé. BP 180/110 mmHg ní 23:40, nígbà ìgbàwọlé. 170/100 mmHg ní 00:15, lẹ́yìn fúrósémáìdì. Iṣan ọrùn ga, a kò kọ iye sẹ̀ǹtímítà. Ọkàn ń lu àyà ní àlàfo egungun ìhà kẹfà lápá òsì, lórí ìlà iwájú abíyá. Ìró ọkàn kẹta wà.
> Èémí: 32 ní ìṣẹ́jú kan. SpO2 88% láìsí ọ́síjìn. Ìró ṣàrà-ṣàrà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì.
> Ikùn: ẹ̀dọ̀ wú ní 4 cm, ó ń dùn tí a bá tẹ̀ ẹ́. A kò kọ ọ̀rọ̀ ọlọ inú tàbí omi inú ikùn.
> Ọpọlọ: a kò kọ àyẹ̀wò rẹ̀.

BP méjèèjì wà níbẹ̀ pẹ̀lú aago wọn. Àwọn kan máa ń yan èyí tó wù wọ́n, àwọn mìíràn á fi ọ̀kan pa èkejì rẹ́ torí pé wọn kò fẹ́ kí ìwé "ta kora." Kò ta kora. Abẹ́rẹ́ wà láàárín wọn, kọ̀ńsọ́táǹtì sì fẹ́ mọ bí BP ṣe ń lọ. Bákan náà, `88% RA` kò gbọ́dọ̀ pàdánù `RA` rẹ̀. 88% láìsí ọ́síjìn àti 88% lórí lítà mẹ́rin kì í ṣe aláìsàn kan náà.

Ìlà ọpọlọ ni ọwọ́ ti máa ń yá jù láti kọ "ó wà lójúfò, kò sí àìlera kankan." Ẹ lè kọ pé ó dá yín lóhùn dáadáa ní 05:30, torí pé ẹ rí i. Agbára apá àti ẹsẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò dán wò, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Rẹ́jísírà á rí àlàfo náà, á sì dán an wò fún ìṣẹ́jú méjì.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: àkópọ̀ àti èrò dókítà

Àkópọ̀ jẹ́ gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta, kò sì gbọ́dọ̀ ní ohun tuntun kankan nínú: obìnrin ẹni ọdún 58 tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò tọ́jú déédéé, tí kò lè mí délẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí àyẹ̀wò sì fi hàn pé iṣan ọrùn ga, ọkàn ń lu àyà ní àlàfo kẹfà lórí ìlà iwájú abíyá, ìró kẹta wà, ìró ṣàrà-ṣàrà sì wà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró. Tí ẹ bá ń kọ ọ́ tí ẹ wá rí i pé ẹ nílò ohun kan tí kò sí lókè, ẹ padà sókè.

Èrò dókítà nínú tiwa ni àìlera ọkàn nítorí àrùn ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ ríru fà. Tirẹ̀ ni, ẹ kọ ọ́ bó ṣe kọ ọ́. Kò kọ àrùn mìíràn tó lè jọ ọ́, ẹ má ṣe bá a hùmọ̀ rẹ̀ kí ìwé lè kún. Ẹ fi ìlà kan sílẹ̀ fún rẹ́jísírà. Ohun tí ẹ lè fi sísàlẹ̀ pẹ̀lú orúkọ yín ni pé dídá oògùn dúró àti lílo ibuprofẹ́ẹ̀nì lè wà lára ohun tó ru àìsàn náà sókè.

Ìgbésẹ̀ keje: ètò ìtọ́jú

Níbí ni nọ́ọ̀sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà, nítorí náà ìlà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣeé ṣe láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Orúkọ oògùn ní kíkún, ìwọ̀n, ọ̀nà tí wọ́n á gbà fún un, aago.

1. Kí ó jókòó gbára lé ìrọ̀rí.
2. Ọ́síjìn, lítà 4 ní ìṣẹ́jú kan, nípa ìrọ́bà imú.
3. Fúrósémáìdì 40 mg sínú iṣan: wọ́n ti fún un ní 00:05. Lẹ́yìn náà 40 mg ní 08:00 àti 14:00.
4. Lisinópírìlì 5 mg lẹ́nu, lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́. KÍ WỌ́N MÁ BẸ̀RẸ̀ títí dókítà fi máa rí èsì `E/U/Cr`.
5. Àyẹ̀wò: `E/U/Cr`, `FBC`, `ECG`, `CXR`, `Echo`. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: a ti gbà á, a ti béèrè, tàbí ẹbí kò tíì sanwó.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn kì í ṣe àwàdà. Àyẹ̀wò tí wọ́n kọ sí ètò tí ẹbí kò tíì rówó san, gbogbo èèyàn máa rò pé èsì rẹ̀ ń bọ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń kọ nọ́ńbà, ẹ kọ "0.5", ẹ má kọ ".5", torí pé àmì kékeré yẹn lè parẹ́ kó di 5. Bákan náà, "5 mg" ni, kì í ṣe "5.0 mg", tó lè di 50. Tí ínsúlíìnì bá wà, ẹ kọ "yúníìtì" tán, torí pé `U` lẹ́yìn 10 máa ń jọ òdo, 10 á sì di 100.

Ẹ tún rí i pé jágbajàgba náà kò sọ nǹkan kan nípa wíwọn ìtọ̀ tàbí wíwọn ara lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tí a fi ń mọ̀ bóyá fúrósémáìdì ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Kò sì sọ pé kí wọ́n dá ibuprofẹ́ẹ̀nì dúró, torí pé kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ má fi ọ̀kan kankan kún ètò bí ẹni pé òun ló pa á láṣẹ. Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ètò náà lọ́tọ̀, "ọ̀rọ̀ fún rẹ́jísírà": wíwọn ìtọ̀ àti ara, ibuprofẹ́ẹ̀nì, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti dá dúró. Ẹ tún sọ ọ́ fún un lẹ́nu kí ráùndì tó bẹ̀rẹ̀. Ti ibuprofẹ́ẹ̀nì yẹn kò ṣeé dúró de ráùndì, torí pé sáṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lè wà nínú báàgì ìyá náà lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì.

Kí ẹ tó buwọ́ lù ú

Ẹ fi ìka kan sórí jágbajàgba, ìka kejì sórí ìwé tuntun, kí ẹ sì ka ìlà kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì: lákọ̀ọ́kọ́ láti jágbajàgba sí ìwé tuntun, láti mọ ohun tí ẹ fò, lẹ́yìn náà láti ìwé tuntun padà sí jágbajàgba, láti mọ ohun tí ẹ fi kún un láìmọ̀. Ìgbà kejì yìí ni ọ̀pọ̀ kì í ṣe, ibẹ̀ sì ni "kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú ikọ́" tí ẹnikẹ́ni kò béèrè ti máa ń fara hàn. Ẹ fi ètò wé ṣáàtì oògùn pẹ̀lú. Tí wọ́n bá yàtọ̀, ẹ má dá yan ọ̀kan. Ẹ pe dókítà.

Bí ẹ bá ṣàṣìṣe, ẹ fa ìlà kan ṣoṣo kọjá lórí rẹ̀ kó ṣì ṣeé kà, ẹ kọ èyí tó tọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ buwọ́ lù ú, kí ẹ sì fi ọjọ́ àti aago sí i. Ẹ má lo ìkun funfun, ẹ má fi bírò pa á rẹ́ bámúbámú.

Ìlà ìkẹyìn lórí ìwé á sọ irú ìwé tó jẹ́: "A tún un kọ ní 05:45 látinú àkọsílẹ̀ dókítà tó gba aláìsàn wọlé ní 23:40, ojúlówó wà lẹ́yìn ewé yìí. Àfikún ti 05:30 jẹ́ ti ẹni tó buwọ́ lù ú nísàlẹ̀." Orúkọ yín ní lẹ́tà tó ṣeé kà, ipò yín, nọ́ńbà fóònù kọ́ọ̀lù. Tí dókítà àkọ́kọ́ bá padà sí wọ́ọ̀dù, kí ó kà á, kí ó sì buwọ́ lu apá tirẹ̀. 23:40 yẹn gan-an, òun ló sọ ọ́ lórí fóònù. Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀.